Owó Tí Irùngbọ̀n Ń Gbé Lọ

Ẹ ṣírò iye tí ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìsẹ́yìn ń ná sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀. Ká ní ó ń san 500 náírà lọ́sẹ̀ fún onígbàjámọ̀, tó sì ń ra ìpara bọ́m̀pù 2,000 náírà lóṣooṣù. Ọdún kan á gba 50,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀, kókó wínníwínní á sì ṣì wà ní ọrùn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú owó yẹn ló ń ra kókó náà fúnra rẹ̀.

Irun wa ká. Bí abẹ bá gé e, orí rẹ̀ á mú ṣóńṣó. Bó ṣe ń hù padà, á tẹ̀, á sì gún awọ ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti jáde. Bí abẹ bá sì gé e wọlé jù, inú awọ gan-an ni yóò ti gún un kó tó jáde. Ara ò mọ̀ pé irun tirẹ̀ ni, á máa bá a jà bí ẹni pé ẹ̀gún ló wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ á wú, á máa yún, àpá dúdú á sì tẹ̀ lé e. Ọrùn ló máa ń pọ̀ sí jù, torí pé irun ibẹ̀ kì í kọjú sí ọ̀nà kan náà. Ẹ wo kókó náà dáadáa nínú dígí: ẹ lè rí irun tó tẹ̀ nínú rẹ̀ bí òrùka.

Àwọn tó ń ta abẹ kò fi irun báyìí lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ní 1903, igi abẹ 51 péré ni ilé-iṣẹ́ King Camp Gillette tà ní Amẹ́ríkà; ní 1904, ó ti lé ní 90,000. Ọgbọ́n òwò náà ni pé ẹni tó bá ra igi yóò máa ra abẹ títí ayé. Ní 1971 wọ́n mú olójú méjì jáde, ní 1998 olójú mẹ́ta, ní 2006 olójú márùn-ún, owó rẹ̀ sì ń gun òkè bí ojú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ojú àkọ́kọ́ á fa irun sókè díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gé e, kùkùté rẹ̀ á sì padà sábẹ́ awọ. Ìfárùngbọ̀n tó ń dán yìí gan-an ni irun tó ká kò fẹ́.

Ká wá mú ọ̀dọ́ kan tó ń hun aṣọ òkè, tó ń fá irùngbọ̀n ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ torí òde ọjọ́ Sátidé. Onígbàjámọ̀ á fi àtàǹpàkò fa awọ ọrùn rẹ̀ le, á wa abẹ láti gògóńgò lọ sókè lòdì sí ibi tí irun kọjú sí, á tún un wà kó lè dán, á wá da sípírítì lé e. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tó dáa fún ọrùn náà.

Kí ọ̀dọ́ náà kọ́kọ́ fi abẹ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á yún un gidi, kókó sì lè dà bí ẹni pé ó ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sídìí abẹ. Tí irun bá gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan, á máa fa ara rẹ̀ jáde. Èyí tó bá ṣì há, kí ó fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti sè gbé òrùka rẹ̀ sókè, kó má fà á tu, torí èyí tí a fà tu á tún gún awọ nígbà tó bá ń hù. Lẹ́yìn náà, kílípà ni kó máa lò, kó fi irun bíi mìlímítà kan sílẹ̀. Ẹ béèrè iye kílípà oníbátìrì kan lọ́jà, kí ẹ fi wé 50,000 náírà yẹn.

Ẹni tí iṣẹ́ bá fi dandan mú fá a, kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ rẹ irun náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó lo abẹ olójú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kó tẹ̀ lé ibi tí irun kọjú sí, kó má fa awọ, kó má sì wà á léraléra lójú kan. Aṣọ tí a rẹ sómi tútù, tí a fi lé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ń tù ú ju sípírítì lọ. Tó bá wú jù, ìpara haidirokọ́tísónì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lè ràn án lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ìpara tí wọ́n pò lọ́jà, tí kilobẹtasọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, á mú kókó náà wálẹ̀ kíákíá lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ń pa á lọ, á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á sì tún náwó láti tọ́jú ìyẹn náà. Kókó tó bá ń ṣọyún, tàbí tó le tó sì ń tóbi kọjá ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, dókítà ló ni ín.

Mi ò fẹ́ kí onígbàjámọ̀ pàdánù oúnjẹ rẹ̀. Kí ó gba iye kan náà fún kílípà tó ń fi irun díẹ̀ sílẹ̀. Iná tàbí epo jẹnẹrétọ̀ tó ń lò kò dín kù. Tí ẹnì kan bá sì fẹ́ abẹ dandan, kí oníbàárà gbé tirẹ̀ wá láti ilé, torí abẹ tó ti kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè gbé àìsàn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B wọ ara rẹ̀.