Irun Òkè Ojú Tó Fẹ́lẹ́: Ẹ Má Fi Tìróò Dí I

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín pé kí ni tíṣà ọkùnrin ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ obìnrin. Àǹtí kan tí a jọ ń kọ́ni ló kó mi sí i. Ó ti ń fi abẹ fá irun òkè ojú rẹ̀ tipẹ́, títí apá tó kọjú sí etí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Tìróò ló fi ń dí àlàfo náà. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì a máa fọwọ́ pa á lójú, a sì tún fi ọwọ́ náà sẹ́nu.

Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Òkúta tí òjé kún inú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ tìróò. Ní ọdún 2011, ní ìlú Bọ́sítìnì ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tó jẹ́ ìran Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, nínú ìwọ̀n 100, òjé nìkan lé ní 82. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kì í ṣe gbogbo tìróò ló ní in, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti ìyàwó mi bá a lọ sí Ọjà Tuntun níbí ní Ìlọrin, kí ó lọ ra pẹ́ńsùlù ojú. Ẹni tó ń ta àtíkè na èyí tó dúdú bí èédú sí i.

"Àǹtí, èyí ni gbogbo ènìyàn ń rà."

Ìyàwó mi ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e síta wò."

Abẹ́ agbòòrùn pupa ni ìyá náà jókòó sí, àwọ̀ kò sì ṣeé dá mọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fà á díẹ̀ sí òkè ojú gan-an, kì í ṣe sí ẹ̀yìn ọwọ́, wọ́n sì bọ́ sínú oòrùn. Dúdú náà hàn bí ìlà táńganran. Búráùn kan tún wà tó dára lábẹ́ agbòòrùn, ṣùgbọ́n ó pọ́n bí ilẹ̀ Ìlọrin ní ìta. Búráùn tó ṣú gan-an, tó kù díẹ̀ kó dúdú, ló bá a mu, nítorí irun orí rẹ̀ dúdú, àwọ̀ irun ojú sì yẹ kó rọ̀ díẹ̀ ju ti orí lọ. Ẹni tí irun rẹ̀ ti ń funfun, kí ó wá èyí tó jọ eérú.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ kọ́kọ́ nu ọ̀rá kúrò, nítorí pẹ́ńsùlù kì í di ojú tó ń yọ̀ mú. Ẹ gbé igi pẹ́ńsùlù náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò imú: ibi tó bá òkè ojú ni irun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dà á lọ sí ìpẹ̀kun ojú níhà etí: ibẹ̀ ni ó parí sí. Ẹ wá fa ìlà kéékèèké sí ibi tó ṣófo, bí irun ṣe ń hù, kí ó má jẹ́ ìlà gígùn kan. Níwájú, kí ọwọ́ fúyẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó mọ́ tó sì gbẹ ni kí ẹ fi ya á, kí ojú ìlà má baà hàn. Lẹ́yìn náà ni àtíkè irun ojú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu, díẹ̀ ṣáá. Òun ni kì í jẹ́ kí òógùn yọ́ pẹ́ńsùlù náà lọ́sàn-án gangan. Jẹ́ẹ̀lì ló gbẹ̀yìn, láti mú irun dúró. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò gbẹ, yóò sì máa ṣí bí ìpẹ́.

Ní ti kí irun padà hù, abẹ àti ẹ̀mú ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Fásìlíìnì a máa jẹ́ kí irun rọ̀, òróró lárà náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò sí pé èyíkéyìí nínú wọn ń hu irun. Ojú àpá iná kì í sábà hu irun mọ́. Bí irun ìpẹ̀kun òkè ojú bá sì ń já fúnra rẹ̀ láìfá, tí ó sì ń rẹ yín, tí òtútù ń mú yín ju ti àtijọ́, dókítà ni kí ẹ lọ bá, nítorí ó lè jẹ́ àìsàn ẹ̀yà kan ní ọ̀nà ọ̀fun. Bí ojú awọ kan bá kú tì, tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹ má ṣe dúró rárá. Ẹ̀tẹ̀ a máa já irun òkè ojú.

Àǹtí wa ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìfi abẹ kàn án. Irun tínínkínní ti ń yọ. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń fọwọ́ pa á lójú, ìyàwó mi sì ti ní kí ó gbé e lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. A ń retí èsì.