Ẹ̀bùn Oníbàárà Kò Gbọdọ̀ Jẹ Èrè Onídìrí Run

Ṣọ́ọ̀bù onídìrí pọ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà débi pé oníbàárà tí inú rẹ̀ kò bá dùn lónìí lè bá ẹlòmíràn lọ lọ́la láì wọ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onídìrí fi ń sáré dín owó kù fún ẹni tó bá ń padà wá. Èrò tèmi ni pé nínú gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ̀dínwó ló ń náni jù. Ohun tó yẹ kí onídìrí fi tọrẹ ni wákàtí tí àga rẹ̀ máa ń ṣófo, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní 10,000 náírà ni owó irun dídì kan, tí oníbàárà sì mú atáṣímẹ́ǹtì tirẹ̀ wá. Ọmọṣẹ́ tó dì í gba 4,000, ọṣẹ, ìpara àti omi gba 800, epo jẹnẹrétọ̀ sì gba 1,200. Ó ku 4,000, inú rẹ̀ náà sì ni owó ilé yóò ti jáde. Bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún oníbàárà, ọmọṣẹ́ kò ní gba owó tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, eléepo kò sì ní dín tirẹ̀ kù. Inú 4,000 yẹn ni 1,000 náà ti jáde, ìdá kan nínú mẹ́rin èrè sì ti lọ. Ẹni tó ń di orí 30 lóṣù gbọ́dọ̀ di 40 kó tó rí iye tó ń rí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo sì fò kọjá 480 náírà ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí àyè fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn ìyá ọlọ́jà wa mọ ọ̀nà tó dára ju èyí lọ. Wọn kì í fẹ́ já owó gàárì, èènì ni wọ́n ń bù lé e. Iye tí wọ́n ra gàárì ni èènì náà ná wọn, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á ni oníbàárà fi ń wò ó. Onídìrí náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó tẹ káàdì kékeré lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé tó kún Ṣómólú, kí oníbàárà tó bá di irun ẹ̀ẹ̀marùn-ún sì gba irun fífọ̀ àti ìtọ́jú orí kan lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ nìkan. Ká ní 3,000 náírà ni wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ yẹn: ohun èlò àti epo rẹ̀ lè má ju 600 lọ. Kí a fún ọmọṣẹ́ ní 400, nítorí ọmọṣẹ́ tí kò rí nǹkan kan gbà yóò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú oníbàárà tó yẹ ká ṣìkẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000. Bí a bá pín in sórí irun márùn-ún, 200 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n irun dídì máa ń pẹ́ lórí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún sì lè gba oṣù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrètí tó jìnnà báyìí máa ń súni. Joseph Nunes àti Xavier Drèze tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2006 nípa ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan gba káàdì olójú mẹ́jọ tó ṣófo, àwọn yòókù gba olójú mẹ́wàá tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ méjì sí. Iṣẹ́ mẹ́jọ náà ló kù fún oníkálukú, síbẹ̀ èèyàn 34 nínú ọgọ́rùn-ún parí káàdì tó ti ní òǹtẹ̀, nígbà tí 19 péré parí èyí tó ṣófo. Nítorí náà, kí káàdì onídìrí jẹ́ olójú méje, kí a lu méjì sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò ná ṣọ́ọ̀bù ní kọ́bọ̀.

Ẹnì kan lè ní àwọn tó máa padà wá tẹ́lẹ̀ náà ni yóò gba ẹ̀bùn yìí. Òótọ́ ni, púpọ̀ nínú wọn yóò gbà á. Ṣùgbọ́n irun kan tí kò bá ti wáyé láìsí káàdì mú 4,000 wá, èyí sì tó san ẹ̀bùn mẹ́rin. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn mẹ́rin tó parí káàdì bá wá lẹ́ẹ̀kan ju bó ṣe máa ń wá lọ, owó ti padà. Àtakò tó wúwo jù ni ti obìnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́, tí kò ráyè àfi Sátidé. Kí a jẹ́ kí ó fi ẹ̀bùn rẹ̀ fún ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀. Bí ọmọ ọ̀hún bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọka, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ni í lára, ó sì ṣeé ṣe kí ó di oníbàárà tuntun.

Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ jù ni òǹtẹ̀ tí ọmọṣẹ́ ń lù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti gbèsè tó ń kóra jọ. Ogún káàdì tó ti kún jẹ́ gbèsè 20,000, bí gbogbo wọn bá sì dé lóṣù Kejìlá, oníbàárà tó fẹ́ sanwó kò ní rí àga jókòó. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ tí oníbàárà wá sínú ìwé kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀bùn parí ní òpin oṣù Kọkànlá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ṣí ìwé náà kí ẹ ka ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín wíwá kan sí òmíràn. Bí ẹni tó ń wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà bá ṣì ń wá bẹ́ẹ̀, tí èèyàn tuntun kò sì tipasẹ̀ ẹ̀bùn wọlé, ẹ dá káàdì náà dúró.