Odò Ọya, Iná Mànàmáná àti Ẹlẹ́wọ̀n Méjì

Gbogbo wa tí a ti jókòó nínú kíláàsì ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé la mọ ìtàn afurasí méjì tí ọlọ́pàá tì mọ́ yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá panu mọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni kálukú yóò ṣe. Bí ẹnì kan bá tú àṣírí tí ẹnì kejì sì dákẹ́, ẹni tó sọ̀rọ̀ á lọ sílé, ẹnì kejì á ṣe ọdún mẹ́wàá. Bí àwọn méjèèjì bá sọ̀rọ̀, ọdún márùn-ún márùn-ún ni. Ohun yòówù tí ẹnì kejì ìbáà ṣe, ó sàn fún kálukú kó sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti jọ ń kó sí gbèsè.

Ìtàn yìí bá ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ mu dáadáa. Ẹni tó dín èéfín kù ló ń dá san owó rẹ̀, gbogbo ayé ló sì ń jọ jẹ àǹfààní rẹ̀. Àdéhùn Párísì ti 2015 kò ní ìyà kankan fún ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́. Amẹ́ríkà kéde ní 2017 pé òun á jáde, ó padà wọlé ní 2021, ó tún kéde ìjáde ní 2025.

Ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé odò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lókè odò lè dí omi mọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ kò lè dí i padà. Àdéhùn kì í dúró níbẹ̀ àfi bí ti ìsàlẹ̀ bá mú nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wá.

Ohun tí Nàìjíríà mú wá fún Nìjẹ̀ ni iná mànàmáná. Odò Ọya gba Niamẹ kọjá kó tó dé dáàmù Káínjì. Láti àwọn ọdún 1970 ni wáyà ti ń gbé iná láti Bírínì Kébì lọ sí Niamẹ, àwọn aláṣẹ wa sì máa ń sọ pé nítorí kí Nìjẹ̀ má baà dí omi ni. Olúkúlùkù di ohun tí ẹnì kejì nílò mú, wọ́n sì ń ta ayò náà léraléra, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Nígbà tí ológun gbàjọba ní Nìjẹ̀ ní Júláì 2023, Nàìjíríà gé iná náà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná wọn ti ń wá. Ìyà máa ń mú kí àdéhùn dúró, òótọ́ ni, bó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ lórí àdéhùn náà gan-an ló fà á. Nìjẹ̀ kò fọwọ́ kan omi. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ni pé bí ẹ bá tilẹ̀ pa ti odò mọ́, wọ́n ṣì lè pa iná yín nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n ti ń kọ́ dáàmù Kàndájì lókè Niamẹ tipẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti ní ìdí tó lágbára láti tètè parí rẹ̀.

Ìjọba ìbá ti ya iná yìí sọ́tọ̀ kúrò nínú ìjà òṣèlú. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló wà nínú àjọ tó ń bójú tó Odò Ọya, wọ́n sì ti ní àdéhùn omi láti 2008. Ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé iná tí a fi pààrọ̀ omi, àyàfi bí wọ́n bá ti dí omi náà. Ó sì yẹ kó wà ní àkọsílẹ̀ kí Kàndájì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún, nítorí oṣù ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kéré ni Káínjì yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.