Àárò Màrókò: Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Ẹnìkejì

Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Raji Rasaki wó àdúgbò Màrókò palẹ̀. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó di aláìnílé. Díẹ̀ nínú wọn ni a kó lọ sí àwọn ilé Jákàńdè ní Ìlasàn. Bí àgbàlagbà kan níbẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ Màrókò, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó sì dákẹ́ lójijì, akọ̀ròyìn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ká gbogbo rẹ̀: nọ́sítájíà. Ẹni tí yóò dá ọ̀rọ̀ náà padà sí Yorùbá ni iṣẹ́ já lé léjìká.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́kọ́ sá lọ bá ìrántí. Wọn a kọ ọ́ pé, “Wọ́n ń rántí Màrókò.” Gbólóhùn náà kò ní àṣìṣe gírámà, ṣùgbọ́n kò dun ẹnikẹ́ni. Ajigbèsè pẹ̀lú a máa rántí gbèsè rẹ̀. A kò tíì gbọ́ pé àárò gbèsè ń sọ ọ́.

Àárò ni ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù lọ. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ àmì ohùn àti ti abẹ́ fáwẹ̀lì dáadáa: àárọ̀ ni kùtùkùtù, ààrò sì ni ibi ìdáná.) Síbẹ̀, àárò ní ìwà tirẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn ni ó ni ìmọ̀lára. Nínú Yorùbá, ìmọ̀lára ni ó ń ṣe ènìyàn. Ẹ̀rù ní ń bani, ojú ní ń tini, àárò ní ń sọni. Ìdí nìyí tí “Wọ́n ní àárò fún Màrókò” fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ agbádá. Bákan náà, àárò máa ń fẹ́ olówó orí rẹ̀. Bí a bá sọ pé “Àárò ń sọ bàbá náà” tí a sì dákẹ́, olùgbọ́ yóò béèrè pé, “Àárò ta? Àárò kí ni?” Bí ìbéèrè yìí bá jáde lẹ́nu àgbàlagbà tí a ka ìtumọ̀ náà sí létí, kí olùtumọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí.

Ṣé “Àárò ilé ń sọ wọ́n” ni kí a wá kọ? Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò yìí gan-an bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Johannes Hofer, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Basel, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ọdún 1688 láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì: ìpadàsílé àti ìrora. Àìsàn ni ó kà á sí, ìpadàsílé sì ni oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ibi kan, tí ó di ti ìgbà tí ó ti kọjá. Ará Màrókò tí ó wà ní Ìlasàn lè wọ ọkọ̀ lónìí kí ó dé orí ilẹ̀ náà láìpẹ́. Ilé olówó ni yóò bá níbẹ̀. Ilẹ̀ wà, Màrókò kò sí. Ìpadàsílé kò lè wo àárò yìí sàn.

Nítorí náà ni gbólóhùn tí ó gùn díẹ̀ fi sàn ju ọ̀rọ̀ kan lọ: “Àárò Màrókò ìgbà náà ń sọ wọ́n, bí wọ́n bá rántí rẹ̀, inú wọn a dùn, a sì tún bàjẹ́.” “Ìgbà náà” ń sọ pé kò sí ìpadàbọ̀. Inú dídùn àti inú bíbàjẹ́ ń gbé adùn àti ìkorò tí àárò nìkan kò gbé. Àwọn kan yóò fẹ́ kí a so ọ̀rọ̀ pọ̀, kí a ní “àárò-àtijọ́”. Ó lè wúlò fún àkọlé. Nínú ìtàn, bí ẹni fi páálí ṣe ilẹ̀kùn ni.

Ọ̀rọ̀ tún yí padà fún àwọn ọmọ tí a bí sí Jákàńdè lẹ́yìn ọdún 1990. Ìtàn Màrókò ni wọ́n gbọ́, ojú wọn kò tó o. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun tí ó ń ṣe wọ́n àti ohun tí ó ń ṣe òbí wọn. Yorùbá kì í sábà jẹ́ kí àárò ohun tí ènìyàn kò bá pàdé rí sọ ọ́. Ti àwọn òbí ni àárò. Ní ti àwọn ọmọ, ohun tí a óò kọ ni pé ìbá wù wọ́n kí wọ́n ti bá a láyé.