Ta Ni Ó Gbẹ́ Àpótí Náà? Èrò Wa Lórí Pọ́tífólíò

Nígbà tí a ní kí a kọ èrò wa sílẹ̀ lórí bí ó ti yẹ kí a máa díwọ̀n iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé àtinúdá àwọn ọmọ, ohun kan sọ sí wa lọ́kàn tí a kò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn.

Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, wọ́n ní kí olúkúlùkù wa lo àkókò ìsinmi láti fi igi kan àpótí ìjókòó kan, kí ó sì gbé e wá ní ọjọ́ ìwọlé. Àpótí náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti igi ìdábùú mẹ́rin. Igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n ní orí rẹ̀ méjèèjì, ahọ́n kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wọ inú ihò tí a gbẹ́ sára ẹsẹ̀. Oríkèé mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Káfíńtà kan wà ní àdúgbò wa. Òun ni ó fi ayùn gé àwọn ahọ́n náà, tí ó gbẹ́ àwọn ihò, tí ó sì tò wọ́n pọ̀. Ohun tí àwa ṣe kò ju pé a fi sáńpépà fá a kí ó dán, a sì kùn ún ní fáníìṣì. Ọ̀rẹ́ wa kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Oríkèé kan là sílẹ̀ lára àpótí rẹ̀, ó sì fi gọ́ọ̀mù àti iyẹ̀ igi dí i. Nígbà tí máàkì jáde, tiwa ju tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní òótọ́ dé ọjà ó kù tà, owó ọwọ́ ni a fi ń ra èké. Olùkọ́ kò ṣègbè o. Ohun tí a gbé síwájú rẹ̀ ni ó díwọ̀n, àpótí tí ó ti parí nìkan ni a sì gbé síwájú rẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ yìí ni a fi ṣe awò tí a fi ń wo ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní pọ́tífólíò. Pọ́tífólíò ni àkójọ iṣẹ́ tí ọmọ ṣe láàárín sáà kan tàbí ọdún kan, pẹ̀lú ẹ̀rí bí ó ti ṣe wọ́n. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ó parí nìkan ni ó máa ń wà nínú rẹ̀. Èrò wa ni pé kò sí ohun tí ó dà bí i ní ti fífi hàn wá bí ọwọ́ ọmọ ti ń mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè dá sọ fún wa ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà, kò sì lè dá mú kí olùyẹ̀wò méjì fohùn ṣọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun rere tí ó wà nínú rẹ̀. Ká ní ọ̀rẹ́ wa ní pọ́tífólíò ni, olùkọ́ ìbá rí àwòrán àpótí náà tí ó yà pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ìbá rí oríkèé ìdánrawò tí ó fi àfọ́kù igi ṣe, tí ahọ́n rẹ̀ tín-ín-rín ju ihò lọ, nítorí pé orí ìlà gan-an ni ó gbé ayùn lé, kò gbé e sí ìhà igi tí a ó sọ nù. Ìbá rí ibi tí ó ti kọ àṣìṣe náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìbá rí oríkèé tí ó ṣe gbẹ̀yìn, tí ahọ́n rẹ̀ wọ ihò bí a bá fi ọwọ́ tì í, tí kò mì, tí kò sì nílò òòlù. Oríkèé tí ó là lára àpótí ni ó kọ́kọ́ ṣe. Àwọn tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ dára. Ẹni tí ó rí àpótí nìkan rí àbùkù kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí àkójọ náà rí ọmọ tí ó ti mọ iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú ìtàn kíkọ. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ọmọ a máa kọ ìtàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, agogo a sì lù. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ń fi ìwé kíkọ ṣiṣẹ́ mọ̀ pé àtúnkọ ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń kọ ìtàn nípa ọjọ́ tí odò gbé bàtà àbúrò rẹ̀ lọ. Nínú àkọ́kọ ìwé rẹ̀, ó lo ojú ìwé kan gbáko láti sọ bí wọ́n ti jí, tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n sì jẹ ẹ̀kọ. Olùkọ́ kọ ìbéèrè kan sí etí ìwé pé, "Níbo ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́?" Nínú èyí tí ó kọ ṣìkejì, bàtà ti wà lójú omi láti gbólóhùn kìn-ín-ní. Ìpinnu yẹn, láti ju ojú ìwé kan nù, ni ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà kọ́. Àkójọ iṣẹ́ nìkan ni ó lè fi í hàn, bí a bá fi ìwé méjèèjì sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè olùkọ́.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ kò bá béèrè ìbéèrè, tí ó jẹ́ pé gbólóhùn tuntun ni ó kọ sí etí ìwé, tí ọmọ sì dà á kọ, iṣẹ́ ta ni a ń díwọ̀n? Bí ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní yunifásítì bá tún un kọ nílé ńkọ́? Káfíńtà àdúgbò wa kò tíì kú; ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Olùkọ́ tí ó lajú lè rí àmì rẹ̀. Àkọ́kọ ìwé tí kò ní ibi tí a fagi lé rárá, tí kò sì yàtọ̀ sí àtúnkọ, jẹ́ èyí tí a kọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ọmọ tí àwọn oríkèé ìdánrawò rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n tí gbogbo oríkèé àpótí rẹ̀ wọ̀ dáadáa, ní àlàyé láti ṣe. Ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún sì sábà máa ń tó: ẹ ní kí ó sọ oríkèé tí ó kọ́kọ́ gé àti ìdí tí ó fi gé e bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ kì í pẹ́ dáhùn.

Àìlera kejì fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìpínlẹ̀ Vámọ́ǹtì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì fi hàn gbangba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọ́tífólíò díwọ̀n ìwé kíkọ àti ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin àti kẹjọ jákèjádò ìpínlẹ̀ náà. Ní ti ìwé kíkọ, ohun márùn-ún ni wọ́n ń wò: ète ìwé náà, ètò rẹ̀, kúlẹ̀kúlẹ̀ inú rẹ̀, ohùn ẹni tí ó kọ ọ́, àti gírámà pẹ̀lú àmì ìkọ̀wé. Ìpele mẹ́rin ni ó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ Ráńdì yẹ èsì ọdún 1992 wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni olùkọ́ méjì tí ó ka àkójọ kan náà fún un ní ìpele tí ó yàtọ̀ síra. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé kò tọ́ láti fi èsì náà sọ ìpele ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ti ìṣirò sunwọ̀n sí i gidigidi, ṣùgbọ́n ti ìwé kíkọ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Kò ṣòro láti mọ ohun tí ó fà á. Nínú ìdánwò, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ọmọ ń dáhùn. Nínú pọ́tífólíò, ọmọ kan mú ewì wá, èkejì mú lẹ́tà, ẹ̀kẹta mú ìtàn. Olùkọ́ kan gba àtúnkọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, òmíràn kò gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí a bá sì ní kí wọ́n díwọ̀n "ohùn", ohùn tí ó dùn létí olùkọ́ kan lè ta lẹ́nu létí èkejì. Ìdíwọ̀n ahọ́n igi rọrùn jù èyí lọ, nítorí rúlà kì í ní ojúsàájú.

Kí ni ká ṣe, nígbà náà? A kò gbà pé kí a da pọ́tífólíò nù, kí a padà sí àpótí tí ó dán. Ìdánwò iṣẹ́ ọnà tí àwọn ọmọ bí ọdún 16 ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà kan tí ó mọ́gbọ́n wá. Níbẹ̀, pọ́tífólíò gba 60 nínú 100 máàkì. 40 tí ó kù jẹ́ ti iṣẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìdánwò fúnra wọn yàn. Ọmọ a máa fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ múra sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n wákàtí 10 ni yóò fi ṣe àṣeparí rẹ̀ lójú alábòójútó. Àkójọ náà fi ọ̀nà tí ọmọ gbà hàn, wákàtí 10 náà sì fi hàn bóyá ọwọ́ tí ó rin ọ̀nà náà ni ọwọ́ rẹ̀. Bí ìkejì bá jìnnà réré sí ti àkọ́kọ́, ó yẹ kí a béèrè.

Ní tiwa, kò pọn dandan kí ó tó wákàtí 10. Kí ọmọ ṣe oríkèé kan ṣoṣo ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù, kí ó sì kọ ojú ìwé kan ní kíláàsì, láìsí ìrànlọ́wọ́. Ní ti ìwé àtinúdá, kí àwọn olùkọ́ kọ́kọ́ jókòó papọ̀, kí wọ́n fẹnu kò lórí ìwé ọmọ kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò máa fi ṣe òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ méjì ka àkójọ kọ̀ọ̀kan láìrí máàkì ara wọn. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìpele kan lọ, kí ẹnì kẹta kà á.

A mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni èyí. Bí kíláàsì kan bá ní ọmọ 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé mẹ́rin nínú àkójọ rẹ̀, tí olùkọ́ sì fi ìṣẹ́jú 10 ka ìwé kan, wákàtí tí ó lé ní 26 ni yóò lò fún kíláàsì yẹn nìkan, ẹni kejì yóò sì lo iye kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá lè yọ̀ǹda àkókò yìí, ó sàn kí ó béèrè ìwé méjì péré, kí a sì kà wọ́n dáadáa, ju kí ó béèrè mẹ́jọ tí a ó kàn ṣí wò.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín ni pé àkójọ tí ó ní àbùkù nínú lè jẹ́ èyí tí ó níye lórí jù. Bí ọmọ yín bá mú oríkèé tí ó là wálé, ẹ má ṣe wá káfíńtà fún un. Àpótí tiwa ti fọ́ tipẹ́, a kò sì mọ bí a ṣe ń gbẹ́ ihò igi títí di òní yìí.