Oògùn Inú Ìwé Ọsibítù Rọ́ṣíà: Kí Atúmọ̀ Má Pààrọ̀ Rẹ̀

Epikírísì ni wọ́n ń pe ìwé tí ọsibítù Rọ́ṣíà máa ń kọ lé aláìsàn lọ́wọ́ nígbà tó bá ń lọ sílé. Inú rẹ̀ ni àìsàn tó gbé e wọlé wà, àti àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un, oògùn tó lò àti èyí tí yóò máa lò lọ. Bí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá dé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Niu Yọ́ọ̀kì, ìtumọ̀ ìwé yìí ni dókítà ibẹ̀ yóò gbára lé. Apá oògùn ni àṣìṣe ti léwu jù, nítorí ibẹ̀ ni atúmọ̀ ti máa ń rò pé òun ń ran òǹkàwé lọ́wọ́.

Àwọn kan gbà pé oògùn tí dókítà Amẹ́ríkà kò mọ̀ yẹ kó di èyí tó mọ̀. Bí wọ́n bá rí Análígìnì, parasitamọ́ọ̀lù ni wọ́n á kọ, nítorí méjèèjì ń pa ìrora, wọ́n sì ń mú kí ara gbígbóná rọlẹ̀. Èyí kò tọ́ rárá. Mẹtamisóòlù ni èròjà inú Análígìnì. Amẹ́ríkà mú un kúrò lọ́jà ní 1977, nítorí ó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tó ń bá kòkòrò àrùn jà, dín kù lójijì. Bí ibà àti egbò ọ̀fun bá kọlu aláìsàn náà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, orúkọ yẹn ni yóò jẹ́ kí dókítà tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó kọ parasitamọ́ọ̀lù ti pa ẹ̀rí náà rẹ́. Bákan náà ni Kọfalọ́ọ̀lù, oògùn olómi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Rọ́ṣíà ń kán sómi mu nítorí àyà jíjá. Finobábítà wà nínú rẹ̀, èyí tó lè dín agbára wafarínì kù nínú ara. Atúmọ̀ tó bá kàn kọ “oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀” síbẹ̀ kò sọ ohun tó yẹ kí dókítà mọ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí orúkọ tó wà nínú ìwé dúró, kí atúmọ̀ fi lẹ́tà Látìn kọ ọ́, kí ó sì fi orúkọ èròjà tí gbogbo ayé ń lò tẹ̀ lé e nínú àkámọ́ onígun. Àkámọ́ yẹn ni yóò fi hàn pé atúmọ̀ ló fi í kún un, kì í ṣe dókítà Rọ́ṣíà. Ìlà kan nìyí, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀:

```
Sol. Analgini 50% – 2,0 в/м
Analgin [metamizole sodium] 50% solution, 2 mL intramuscularly
```

Látìn ni apá àkọ́kọ́, Rọ́ṣíà sì ni lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn, tó ń sọ pé inú iṣan ẹran ni wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà sí. Lẹ́tà “i” tó parí orúkọ náà jẹ́ ti gírámà Látìn, kì í ṣe ara orúkọ oògùn, nítorí náà kò gbọdọ̀ wọ inú ìtumọ̀. Kọ́mà ni Rọ́ṣíà fi ń ya ìdámẹ́wàá sọ́tọ̀. Wọn kì í sì í sábà kọ ìwọ̀n tẹ̀ lé e: bí oògùn bá jẹ́ olómi, mililítà ni, bó bá jẹ́ gbígbẹ, gíráàmù ni. Atúmọ̀ ní láti kọ 2, kò gbọdọ̀ kọ 2.0, nítorí bí àmì kékeré yẹn bá parẹ́, 20 ni nọ́ọ̀sì yóò kà. Ọ̀rọ̀ táblẹ́ẹ̀tì tún gba àkíyèsí: `Tab. Analgini 0,5` túmọ̀ sí táblẹ́ẹ̀tì onímílígíráàmù 500, ṣùgbọ́n `по 0,5 таб.` jẹ́ ìdajì táblẹ́ẹ̀tì kan. Èyí tó tún burú jù ni `Natrii` àti `Kalii`. Sódíọ̀mù ni ti àkọ́kọ́, pòtásíọ̀mù sì ni ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni pòtásíọ̀mù tó bá yára wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ lè dá ọkàn dúró.

Ìkékúrú kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì, ibi tó wà ló ń sọ ọ́. `Ds` lókè ìwé dúró fún orúkọ àìsàn tí dókítà rí. `D.S.` lábẹ́ oògùn sì ń ṣáájú àlàyé bí aláìsàn yóò ṣe lò ó. `в/в кап.` ni omi oògùn tí wọ́n fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe oògùn tí a ń kán sẹ́nu. Níbi tí ìkọ̀wé ọwọ́ kò bá ti ṣeé kà, kí atúmọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ gbangba nínú àkámọ́, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá. Bí ìwọ̀n oògùn kan bá dà bí ẹni pé ó pọ̀ jù, kí ó kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ó fi àkíyèsí sí i. Àtúnṣe kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí gbogbo iléeṣẹ́ tó ń gba irú iṣẹ́ yìí sọ kíkọ orúkọ méjèèjì, ti inú ìwé àti ti èròjà, di dandan fún gbogbo oògùn, kí wọ́n sì ní kí ẹlòmíràn fi gbogbo nọ́ńbà inú ìtumọ̀ wé ti ìwé Rọ́ṣíà kí ó tó dé ọwọ́ dókítà.