Ojú Ọmọ Aláta àti Ìwé Olùkọ́

Láyé àtijọ́, ṣọ́ọ̀kì àti pátákó dúdú ni tíṣà ń lò. Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí, wọn a wá fi iná pírójẹ́tọ̀ tàn án sára ògiri. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan tó ń hàn lára ògiri yẹn ni wọ́n ń pè ní sláìdì. Ẹni tójú ẹ̀ dá ṣáṣá á wò ó, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe afọ́jú, àmọ́ tójú ẹ̀ kò ríran tó, ńkọ́?

Ẹ gbọ́ ti ọmọ aláta kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ìlera. Àfín ni ọmọbìnrin náà. Nígbà tó gba 5 nínú 20 nínú ìdánwò àkọ́kọ́, àwọn aládùúgbò ní ọpọlọ rẹ̀ ni kò gbé ìwé. Irọ́ ni. Àárín ẹ̀yìn ojú, níbi tí èèyàn fi ń rí ohun kéékèèké, kì í sábà dàgbà tán lójú àfín. Ẹyin ojú wọn tún máa ń mì, ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ a sì máa ta wọ́n lójú. Ìdí nìyẹn tí awò ojú fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, tí kò sì lè tán ìṣòro náà.

Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ gbọ́, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò le. Ó tẹ sláìdì rẹ̀ jáde, 6 lójú ewé kan, ó sì ní kí oní-fọtokọ́pì fẹ̀ ẹ́ láti pépà A4 sí A3. Ọmọ náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé e súnmọ́ imú.

"Ẹ ṣé, mà. Pépà yìí tóbi o, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì kéré, ó sì ń ṣú."

Òótọ́ ló sọ. Pọ́íǹtì ni wọ́n fi ń wọn lẹ́tà; 72 rẹ̀ ló wà nínú íǹṣì kan tí ẹ̀yin aránṣọ mọ̀. Sláìdì 6 tí wọ́n fún pọ̀ sójú ewé kan á sọ lẹ́tà di bíi 7. Fífẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí A3 kò gbé e kọjá 10. Pépà ló tóbi, lẹ́tà kò tóbi.

Ni olùkọ́ bá tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé òun mọ ìwọ̀n tó máa bá ọmọ náà mu. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní 16, 18, 20, 24 àti 28, ó ní kí ọmọ náà kà á sókè. Kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo o, odindi ìpínrọ̀ ni, torí pé ojú lè gbé ìlà kan kó sì rẹ̀ ẹ́ ní ìkẹta. Ní 18, ọmọ náà kà á, àmọ́ kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ mọ́ ìwé. Ní 24, ó jókòó dáadáa, ó sì ń kà á wọ̀ọ́. Ní 28, kò yá ju ti 24 lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìlà kan ti kéré jù, ojú sì ń sáré láti ìlà dé ìlà. 24 ni wọ́n mú.

Ó wá kó ọ̀rọ̀ inú sláìdì sínú ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn kan wà. Tí èèyàn bá ṣí `Outline View` nínú PowerPoint kó lè da ọ̀rọ̀ kọ lọ́nà tó rọrùn, kìkì ohun tí wọ́n kọ sínú àpótí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ ló máa hàn. Èyí tí olùkọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ la àpótí fún, bí orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, kò ní sí níbẹ̀. Olùkọ́ náà gbé ìwé àti sláìdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ mẹ́rin ló ti sọ nù! Ó fi wọ́n padà. Ó tún kọ "Sláìdì 1", "Sláìdì 2" sórí ewé kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ náà lè mọ ibi tí kíláàsì dé.

Ó kù ti àwọ̀. Lẹ́tà pupa rẹ́súrẹ́sú lórí àwọ̀ ewé tó ṣì ni olùkọ́ lò fún sláìdì, ó sì dára lójú tirẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní dúdú àti funfun, lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ di eérú kan náà. Àyẹ̀wò nìyẹn, kò sì náni lówó. Ó sọ gbogbo lẹ́tà di dúdú kirikiri, lẹ́tà tí kò ní ìrù tí kò sì dà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fi àyè sáàárín ìlà. Pépà tí kò dán, tó pọ́n díẹ̀ bí ògì àgbàdo pupa, ló lò, nítorí pépà funfun tó ń dán a máa ta iná sójú àfín.

Àwòrán ló wá le jù. Sláìdì 7 jẹ́ àwòrán tanwíji méjì nínú omi, wọ́n fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé ṣe ìyàtọ̀ wọn. Olùkọ́ kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Àwòrán tanwíji méjì." Ọmọ náà béèrè pé:

"Mà, kí ni wọ́n fẹ́ ká mọ̀ níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ló tọ́ ọ sọ́nà. Kò sọ̀rọ̀ àwọ̀ omi mọ́, ohun tí àwòrán náà wá kọ́ni ló kọ:

"Tanwíji méjì wà nínú omi. Ti ọwọ́ òsì ni Anọ́fílíìsì, ọmọ ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri. Ó nà gbalaja lábẹ́ ojú omi, bí ẹni tó sùn sórí ẹní. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni Kúlẹ́kìsì. Ó dorí kodò, ó fi ọ̀pá kékeré tó fi ń mí, tó wà nídìí rẹ̀, rọ̀ mọ́ ojú omi. Anọ́fílíìsì kò ní ọ̀pá yẹn."

Ó tún fi kálámù dúdú nínípọn ya tanwíji méjèèjì, ọ̀kan sójú ewé kan. Abẹ́ àwòrán gan-an ló kọ àlàyé náà sí. Àwọn kan a máa kọ ọ́ síbi tí wọ́n ń pè ní `Alt Text`, wọn a rò pé iṣẹ́ ti parí. Kọ̀ǹpútà ló ń ka ìyẹn sókè fún ẹni tó bá ń lò ó. Tí wọ́n bá tẹ ìwé sórí pépà, kò ní jáde.

Kó tó fún ọmọ náà, ó ka àlàyé yẹn fún ẹnì kan tí kò rí àwòrán náà rí, ó ní kó yà á. Onítọ̀hún ya ọ̀kan gbalaja, ó ya ìkejì ní ìdorí-kodò. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé àlàyé ti tó.

Sláìdì 12 di ewé 19. Ọmọ náà gbà á lọ́jọ́ tó ṣáájú kíláàsì, nítorí ìwé tó bá dé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kó lè bá àwọn yòókù lọ.

Ohun kan ṣì wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún lọ́jọ́ ìdánwò. Tí ìbéèrè bá ní kí ọmọ mọ èwo ni Anọ́fílíìsì, àlàyé àwòrán kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Kó sọ pé ọ̀kan nà gbalaja, pé èkejì dorí kodò, kó dákẹ́ síbẹ̀. Ohun tí ojú àwọn yòókù rí ni kí àlàyé sọ fún un. Ìdáhùn, kí ọmọ náà fi ọpọlọ tirẹ̀ wá a.